Kí ló dé tí 74HC75 kò lè ṣe iṣẹ́ 74HC74?

«Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo fẹ́ kí iná pupa kékeré kan máa tàn bí mo bá tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì kú bí mo bá tún un tẹ̀. Mo lo áísì 74HC75, mo so Q̄ rẹ̀ padà mọ́ D, mo sì fi bọ́tìnì sí ẹsẹ̀ E. Bí mo bá di bọ́tìnì náà mú, iná á máa tàn bàìbàì. Bí mo bá yọ ọwọ́, ó lè tàn, ó lè má tàn, kò sí èyí tó dá mi lójú. Ọ̀rẹ́ mi fi 74HC74 rọ́pò rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ìwé wa sọ pé bíìtì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń tọ́jú. Kí wá ni ìyàtọ̀ wọn? Ṣé bí mo bá ń tẹ bọ́tìnì náà kíákíá, 74HC75 kò ní ṣe é?» — Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn

Áísì rẹ kò bàjẹ́, wáyà rẹ kò sì ṣìnà. Ohun tí o ní kí 74HC75 ṣe gan-an ni ó ń ṣe, àfi pé ohun tí o ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni ìwé yín sọ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń tọ́jú bíìtì kan, ṣùgbọ́n títọ́jú kọ́ ni ibi tí ìyàtọ̀ wọn wà, bí kò ṣe ìgbà tí wọ́n ń gba ohun tí wọn yóò tọ́jú. Láàṣì ni 74HC75. Níwọ̀n ìgbà tí E, ẹsẹ̀ tó ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, bá wà ní 1, ohunkóhun tí D, ẹnu ìwọlé rẹ̀, bá jẹ́ ni Q, ẹnu ìjáde rẹ̀, náà yóò jẹ́, òdìkejì Q sì ni Q̄; bí D bá yí padà nígbà mẹ́wàá, Q yóò yí padà nígbà mẹ́wàá. Ìgbà tí E bá padà sí 0 ni ó tó di èyí tó bá lọ́wọ́ mú. Fílípù-fílọ́ọ̀pù ni 74HC74 ní tirẹ̀. Kò bìkítà bóyá àmì aago, èyí tí bọ́tìnì ń fún un níhìn-ín, wà ní òkè tàbí ní ìsàlẹ̀. Àkókò tí àmì náà bá ń fò láti 0 sí 1 nìkan ni ó ń wo D, ohun tó bá sì rí níbẹ̀ ni yóò máa fi hàn títí di ìfòsókè mìíràn, bí o tilẹ̀ di bọ́tìnì mú títí ilẹ̀ fi ṣú.

Jẹ́ kí a tẹ̀ lé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú sákíìtì rẹ. Ká ní Q wà ní 0, Q̄ yóò wà ní 1, nítorí náà D náà wà ní 1. O tẹ bọ́tìnì, E di 1, ilẹ̀kùn ṣí. Láàárín nǹkan bí nanosẹ́kọ́ńdì 15, èyí tí í ṣe ìdá 15 bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, 1 tó wà lẹ́nu D ti dé Q. Ohun tí o fẹ́ nìyẹn, bí ó bá sì dúró síbẹ̀, ìwọ ìbá ti kọ lẹ́tà mìíràn sí mi. Ṣùgbọ́n bí Q ti di 1 ni Q̄ di 0, Q̄ ni o sì so mọ́ D, nítorí náà D di 0. Ìka rẹ ṣì wà lórí bọ́tìnì. Ilẹ̀kùn ṣì ṣí. Nanosẹ́kọ́ńdì 15 mìíràn kọjá, Q padà di 0, Q̄ di 1, D di 1, gbogbo rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀. Ká ní ìka rẹ wà lórí bọ́tìnì fún mílísẹ́kọ́ńdì 100 péré, láàárín àkókò yẹn iná rẹ yóò ti yí padà ní ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Ojú èèyàn kò lè rí èyí. Ohun tí ojú rí ni pé iná náà ń tàn fún ìdajì àkókò, ó sì pe ìyẹn ní bàìbàì. Bí o bá fi mítà wọn Q nígbà tí o di bọ́tìnì mú, yóò máa fi nǹkan bíi fóòtù 2.5 hàn ọ́ lórí bátìrì fóòtù 5, nítorí pé àròpín ni mítà ń kà. Ẹnikẹ́ni tó bá rí 2.5 níbi tó ti ń retí 0 tàbí 5 yóò sọ pé áísì ti jóná. Èmi náà ti da áísì tí nǹkan kan kò ṣe nù rí nítorí nọ́ńbà yẹn, kí n tó mọ̀ pé ọsilosikóòpù ni ó yẹ kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá wá yọ ìka, E di 0, ilẹ̀kùn tì, ibi tí Q bá wà ní nanosẹ́kọ́ńdì yẹn ni yóò kú sí. Bí ẹni ta ayò lójú dídì ni.

Ní ti títẹ bọ́tìnì kíákíá, ìrònú rẹ kò burú, iye rẹ̀ ni kò ṣeé ṣe. Bí ilẹ̀kùn bá lè ṣí fún àkókò tó tó kí D wọlé, kí ó sì tì kí Q̄ tuntun tó yí padà dé ẹnu ọ̀nà, láàṣì rẹ yóò yí padà lẹ́ẹ̀kan péré. Àwọn tó ń ṣe áísì ńlá máa ń lo ọgbọ́n yìí, nítorí pé inú áísì kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà, wọ́n sì ti wọn ìdádúró ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Lórí bẹ́rẹ́dì-bọ́ọ̀dù, ààlà méjèèjì sún mọ́ ara wọn ju bí o ti lè fọwọ́ sí lọ. Bí ìṣílẹ̀kùn bá kéré ju, láàṣì kò ní gba nǹkan kan. Bí ó bá fi nanosẹ́kọ́ńdì díẹ̀ pẹ́ ju, yóò yí lẹ́ẹ̀mejì. Ààlà náà kì í sì í dúró sójú kan: ó ń yí bí áísì bá gbóná, bí iná bátìrì bá lọ sílẹ̀, bí o bá ra áísì láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, kódà bí wáyà rẹ bá gùn sí i. Sákíìtì tó bá ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀, tó kọ̀ ní ọ̀sán, tó tún ṣiṣẹ́ nígbà tí o fi ìka kàn án, irú ibi báyìí ni ó ti sábà ń wá.

Báwo wá ni 74HC74 ṣe ń ṣe é? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé nǹkan ìyanu kan wà nínú rẹ̀ tó ń mọ ìfòsókè lára. Kò sí. Láàṣì méjì ni ó wà nínú fílípù-fílọ́ọ̀pù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí ilẹ̀kùn wọn ń ṣí ní ìgbà òdìkejì ara wọn. Bí o bá ti wọ báńkì rí ní ìlú wa, o mọ yàrá tóóró tí èèyàn ń gbà wọlé: ilẹ̀kùn ìta ṣí, o wọ inú àpótí gíláàsì náà, ilẹ̀kùn ìta tì lẹ́yìn rẹ, ìgbà náà ni ilẹ̀kùn inú tó ṣí. Kò sí ìgbà tí o lè dúró lójú títì kí o rí ọ̀nà gbọọrọ títí dé ọ̀dọ̀ akápò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fílípù-fílọ́ọ̀pù. Nígbà tí àmì aago wà ní 0, láàṣì àkọ́kọ́ ṣí, èkejì sì tì. D ń wọlé, ó ń jáde nínú àpótí gíláàsì bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n Q kò mọ̀ sí i. Bí àmì bá fò sí 1, láàṣì àkọ́kọ́ tì mọ́ ohun tó bá bá nínú àpótí, èkejì sì ṣí, ohun náà dé Q. Nínú sákíìtì rẹ, Q̄ yí padà, D náà sì yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìta tó ti tì ni ó dúró sí. Ó lè dúró níbẹ̀ fún wákàtí kan. Bí o bá yọ ìka, ilẹ̀kùn inú tì, ti ìta ṣí, iye tuntun náà wọ inú àpótí, ó sì ń retí ìfòsókè tó kàn. Títẹ̀ kan, ìyípadà kan. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ «etí àmì», tí àwọn ìwé fi ń pe ìfò yìí, fi máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà: wọ́n rò pé àmì aago gbọ́dọ̀ kúrú, nígbà tó jẹ́ pé bó pẹ́ bó yá, kò kan fílípù-fílọ́ọ̀pù, bí kò bá ti kúrú ju èyí tí ìwé áísì náà gbà láàyè.

O lè fi ojú ara rẹ rí i láì ra 74HC74, nítorí láàṣì mẹ́rin ni ó wà nínú 74HC75 rẹ, ẹsẹ̀ 13 ló ń ṣí méjì àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ 4 ló sì ń ṣí méjì yòókù. Ṣọ́ra, nítorí áísì yìí kò gba iná níbi tí o ti mọ̀: ẹsẹ̀ 5 ni fóòtù 5, ẹsẹ̀ 12 ni ilẹ̀. Fi láàṣì kìíní ṣe ilẹ̀kùn ìta, kí o sì fi ẹ̀kẹta ṣe ti inú. So Q ti kìíní, ìyẹn ẹsẹ̀ 16, mọ́ D ti ẹ̀kẹta ní ẹsẹ̀ 6. So Q̄ ti ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ 11, padà mọ́ D ti kìíní ní ẹsẹ̀ 2. Jẹ́ kí àmì bọ́tìnì lọ sí ẹsẹ̀ 4 tààrà, kí o wá mú àmì yẹn kan náà gba inú ẹnu kan nínú 74HC14, tí yóò yí i padà, lọ sí ẹsẹ̀ 13. Iná pupa rẹ, pẹ̀lú rẹsísítọ̀ rẹ̀, yóò wà ní ẹsẹ̀ 10. So ẹsẹ̀ 3 àti 7, tí o kò lò, mọ́ ilẹ̀. Àwọn láàṣì tó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún ní àná yóò máa yí lẹ́ẹ̀kan fún títẹ̀ kan lónìí. Níbi tí sákíìtì yìí ti lè kọsẹ̀ ni pé 74HC14 ń gba nanosẹ́kọ́ńdì díẹ̀ kí ó tó yí àmì padà, nítorí náà ilẹ̀kùn méjèèjì máa ń ṣí papọ̀ fún àkókò bíńtín yẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ìdádúró ẹnu kan kéré sí àkókò tí àmì yóò lò láti gba inú láàṣì kọjá kí ó sì yí padà wá. Bí o bá lọ fi ohun tó lọ́ra ṣe ẹnu ayídà náà, eré àná yóò padà wá. Àwọn tó ṣe 74HC74 ti bá ọ bójú tó èyí nínú áísì, ìyẹn gan-an ni owó rẹ ń rà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún wà níbẹ̀. Ní 1918 ni Eccles àti Jordan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, gbé sákíìtì kan tó ní túùbù gíláàsì méjì, tó sì lè dúró sí ipò méjì, kalẹ̀ fún ẹ̀tọ́ àṣẹ̀dá. Kò ní àmì aago rárá. Irú sákíìtì yẹn ni wọ́n wá ń pè ní fílípù-fílọ́ọ̀pù, nítorí náà àwọn ìwé àtijọ́ kan ń fi orúkọ yìí pe láàṣì náà. Bí o bá bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ pàdé, má ṣe bá orúkọ jà. Wá tábìlì tó wà nínú ìwé áísì náà. Bí o bá rí ọfà tó ń gòkè ní ìlà aago, fílípù-fílọ́ọ̀pù ni. Bí o bá rí lẹ́tà H tàbí 1 lásán níbẹ̀, láàṣì ni. Lára àwòrán áísì náà, onígun mẹ́ta kékeré lẹ́nu ẹsẹ̀ aago ni àmì pé ìfò ni ó ń wò.

Ọ̀rọ̀ «fẹ́rẹ̀ẹ́» tí o kọ nípa sákíìtì ọ̀rẹ́ rẹ kò fò mí ru. Mo fura pé nígbà mìíràn, títẹ̀ kan ń di méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ̀bi 74HC74 kọ́. Irin inú bọ́tìnì máa ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún fún mílísẹ́kọ́ńdì díẹ̀ kí ó tó jókòó, ìtapọ́n-ún kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìfòsókè tòótọ́ tí fílípù-fílọ́ọ̀pù kò lè sọ pé òun kò rí. Èyí ni ìyà tí àmọ̀jù rẹ̀ mú wá. Fi rẹsísítọ̀ kílò-óòmù 10 kan láti fóòtù 5 wá sí kàpásítọ̀ maikirofáràdì 1 tí ẹsẹ̀ kejì rẹ̀ wà ní ilẹ̀. Jẹ́ kí bọ́tìnì fa ojú ibi tí wọ́n ti pàdé lọ sí ilẹ̀ láti inú rẹsísítọ̀ óòmù 100. Kí o mú ojú kan náà gba inú ẹnu kan nínú 74HC14 lọ sí ẹsẹ̀ 3 ti 74HC74. Bí irin bá ta pọ́n-ún, kàpásítọ̀ náà yóò gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 8 kí ó tó kún dé ibi tí 74HC14 yóò fi gbọ́, irin yóò sì ti jókòó kí ó tó dé ibẹ̀. Bọ́tìnì tó ti gbó lè nílò kàpásítọ̀ tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà kan náà ni kí o lò fún sákíìtì láàṣì méjì tí mo ṣàlàyé lókè.

Má ṣe wá torí èyí rò pé láàṣì jẹ́ fílípù-fílọ́ọ̀pù tí kò parí. Wọ́n gbé bọ́ọ̀dù kan wá fún mi rí, tí AT89S52, áísì tó jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré, wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́mórì ní ìta. Iná pé, aago ń lù, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá kọ sí mẹ́mórì kọ́ ni ó ń kà padà. Ẹni tó ti tún un ṣe kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi ti yọ 74HC373, ó sì ti fi 74HC374 sí i. Kò yani lẹ́nu, nítorí ẹsẹ̀ ogún ni méjèèjì ní, gbogbo ẹsẹ̀ wọn sì bá ara wọn mu, bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu dé ilẹ̀, àfi ẹsẹ̀ 11. Láàṣì mẹ́jọ ni 373, ẹsẹ̀ 11 rẹ̀ sì ń ṣí ilẹ̀kùn. Fílípù-fílọ́ọ̀pù mẹ́jọ ni 374, ẹsẹ̀ 11 rẹ̀ sì ń wo ìfòsókè. Nínú irú áísì bẹ́ẹ̀, wáyà mẹ́jọ kan náà ni àdírẹ́sì àti dátà ń pín lò, àmì ALE ni ó sì ń sọ ìgbà tí àdírẹ́sì wà lórí wọn. Bí aago bá ń lù ní mẹ́gáháàsì 12, ALE ń wà ní òkè fún nanosẹ́kọ́ńdì 127 ó kéré tán, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé áísì náà ṣèlérí ni pé àdírẹ́sì yóò ti dúró dáadáa ní nanosẹ́kọ́ńdì 43 kí ALE tó já wálẹ̀, kì í ṣe nígbà tó ń gòkè. Láàṣì kò rí wàhálà níbẹ̀: ó ṣí, ó jẹ́ kí ìdọ̀tí kọjá, àdírẹ́sì dé, ALE já wálẹ̀, ó tì mọ́ èyí tó tọ́. 374 ní tirẹ̀ ti ya fọ́tò nígbà tí ALE fò sókè, kí ẹni tí a fẹ́ yà tó jókòó. Mo fi 373 padà, bọ́ọ̀dù sì jí.

O lè béèrè pé bí mo bá fi ẹnu ayídà sí iwájú ALE ńkọ́, kí jíjá wálẹ̀ rẹ̀ di ìfòsókè fún 374? Yóò ṣiṣẹ́, nítorí àdírẹ́sì ṣì ń dúró fún nanosẹ́kọ́ńdì 48 lẹ́yìn tí ALE bá já. Ṣùgbọ́n wo ohun tí o pàdánù. Láàṣì jẹ́ kí àdírẹ́sì dé ọ̀dọ̀ mẹ́mórì bí ó bá ti tètè wá, mẹ́mórì sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ilẹ̀kùn tó tì. Fílípù-fílọ́ọ̀pù mú kí gbogbo rẹ̀ dúró de ìfò náà, àkókò tí ó jẹ nanosẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá mẹ́wàá yẹn, mẹ́mórì tó lọ́ra lè nílò rẹ̀. Nítorí irú èrè yìí, àti nítorí pé láàṣì kan gba tiransísítọ̀ tó kéré sí ti fílípù-fílọ́ọ̀pù, àwọn tó ń wá eré sísá nínú áísì ti lo láàṣì dáadáa: inú Alpha 21064, áísì tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó jáde ní 1992, kún fún un. Ohun tí wọ́n fi san án ni kí wọ́n máa ṣírò ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì: kí àmì má pẹ́ ju, kí ó má sì tètè dé ju kí ó lè sá gba inú ilẹ̀kùn méjì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà.

Èrò tèmi ni pé níbikíbi tí ohun tó jáde bá ń padà wọlé, bíi ti ìwọ yìí, tàbí tí ibi ìpamọ́ kan ń fi bíìtì lé èkejì lọ́wọ́ lábẹ́ àmì aago kan ṣoṣo, kí o lo fílípù-fílọ́ọ̀pù. Bí o bá to láàṣì mẹ́rin ní ìlà, tí o sì ṣí wọn papọ̀, bíìtì kan yóò sá gba inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá ní nǹkan bí nanosẹ́kọ́ńdì 60, nígbà tí o rò pé o fi í sí ipò kìíní. Níbi tí àmì kan kàn ń kọjá lọ, tí o fẹ́ dì í mú kí ó tó sọnù, láàṣì ló tọ́.

Fílípù-fílọ́ọ̀pù náà ní ohun tí kò lè ṣe. D gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ fún àkókò kan kí ìfòsókè tó dé, nínú 74HC74 lórí fóòtù 5, fi ojú sí nanosẹ́kọ́ńdì 20 kí o lè sùn dáadáa. Bí D bá yí padà ní ojú ìfò náà gan-an, Q lè gbé ara sáàárín 0 àti 1 fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó yan ibi tí yóò lọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tí yóò yàn. Sákíìtì rẹ kò ní ìṣòro yìí, nítorí D rẹ ti jókòó tipẹ́ kí o tó tún tẹ bọ́tìnì. Ọjọ́ tí o bá so bọ́tìnì mọ́ D, tí aago sì ń wá láti ibòmíràn, ni yóò kàn ọ́. Fílípù-fílọ́ọ̀pù méjì ní ìlà máa ń dín ewu náà kù gan-an, ṣùgbọ́n kò lè mú un kúrò pátápátá. Kí o tó gbé 74HC74 síbẹ̀, so ẹsẹ̀ 1 àti 4 rẹ̀ mọ́ fóòtù 5, nítorí ẹsẹ̀ méjèèjì yìí kò dúró de aago kankan: èyí tó bá bọ́ sí 0 nínú wọn ni Q yóò gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu lójú ẹsẹ̀.